Ọ̀run Kì í Ṣe Ibojì: Ọ̀run Ọba Adó àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀

Àlejò tí ó bá gun Òkè Ìtasẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń béèrè ibi tí a sin Ọ̀rúnmìlà sí. Ìdáhùn wa kò gùn: a kò sin ín níbì kankan. Ohun tí Ifá kọ́ wa ni pé ó padà sí ọ̀run, ó sì fi ikin mẹ́rìndínlógún lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ojúbọ ni Òkè Ìtasẹ̀ jẹ́. Kò sí òkú lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí awo tí yóò sọ fún ọ pé òkú wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àlejò yìí kan náà bá sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ìgboro, ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ibojì ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn yóò fi òkúta gíga kan hàn án pé ibojì Ọ̀rànmíyàn nìyí. Wọn yóò sì dárúkọ ilẹ̀ kan fún un, Ọ̀run Ọba Adó, pé orí àwọn ọba Ìbíní ni a sin síbẹ̀. (Ìbíní ni àwọn àgbà wa ń pè ní Adó nínú orúkọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Adó-Èkìtì ni.) Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé wọ́n ti wa ilẹ̀ rẹ̀ wò.

Ohun tí a ń sọ ní Ifẹ̀ ni pé Ọ̀rànmíyàn ni ó lọ dá ìdílé ọba tí ó wà ní Ìbíní sílẹ̀, àti pé nítorí èyí, nígbà tí ọba Adó bá wàjà, a máa ń gbé orí rẹ̀ padà wá sí orísun. Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Jacob Egharevba, ọmọ Ìbíní tí ó kọ ìwé ìtàn ìlú rẹ̀, kọ ọ́ pé ó jẹ́ àṣà láti gbé òkú ọba kẹta-kẹta lọ sí Ifẹ̀ fún ìsìnkú. Àwọn mìíràn sì sọ pé kì í ṣe orí, kì í sì í ṣe òkú, bí kò ṣe irun àti èékánná. Ẹ kíyè sí i pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí. Gbogbo òkú, orí nìkan, àti irun pẹ̀lú èékánná kì í fi àmì kan náà sílẹ̀ nínú ilẹ̀.

Frank Willett, òyìnbó awalẹ̀pìtàn tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wa apá kan Ọ̀run Ọba Adó. Ó bá àwọn kòtò níbẹ̀ ní tòótọ́, èyí tí ó fi hàn pé àwọn ènìyàn ti ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá orí ọba kan, kò sì bá òkú tí a sin. Èédú ni ó mú láti inú àwọn kòtò náà, ó sì fi ránṣẹ́ kí wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èsì tí ó jáde wà láàárín ọ̀rúndún kẹfà àti ìkẹwàá sànmánì tiwa.

Àsìkò yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ìṣirò Egharevba, nǹkan bí ọdún 1200 ni Ẹ̀wẹ́ká Kìíní, ọmọ Ọ̀rànmíyàn, gun orí ìtẹ́ Ìbíní. Nígbà náà, èédú inú kòtò ti tó igba ọdún ó kéré tán ṣáájú kí ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé náà tó jẹ, ká má tilẹ̀ sọ kí ó tó wàjà. Kò sí bí a ó ṣe sin ẹni tí a kò tíì bí.

Ní ọdún 1965, Alan Ryder, òpìtàn kan, gbé ìbéèrè dìde lórí gbogbo ìbáṣepọ̀ Ifẹ̀ àti Ìbíní. Ó tọ́ka sí ìwé àwọn Potogí. João de Barros, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1552, kọ ọ́ pé bí ọba Ìbíní kan bá kú, ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ máa ń rán ikọ̀ sí ọba ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ogané, láti gba ọ̀pá, fìlà àti àgbélébùú idẹ bí àmì pé ó ti di ọba. Púpọ̀ nínú wa máa ń sọ pé Ọọ̀ni ni Ogané yìí. Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ pé apá ìlà-oòrùn Ìbíní ni Ogané wà, bẹ́ẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn àti àríwá Ìbíní ni Ifẹ̀ wà. Ohun tí ó sì kan ọ̀rọ̀ wa jù ni pé àmì oyè tí ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ogané ni Barros sọ. Kò sọ pé a gbé orí kankan lọ.

Ǹjẹ́ irọ́ ni àwọn àgbà pa? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìgbàgbọ́ mi bo ohun tí ilẹ̀ sọ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀rí náà wò dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ orí èédú ni ọjọ́ tí igi rẹ̀ kú. Kì í ṣe ọjọ́ tí a gbẹ́ kòtò. Bí ènìyàn bá gbẹ́ kòtò lónìí níbi tí àwọn baba ńlá ti dáná rí, tí ó sì fi erùpẹ̀ ibẹ̀ dí i padà, èédú àtijọ́ yóò bọ́ sínú kòtò tuntun. Nítorí náà, kòtò lè kéré lọ́jọ́ orí sí èédú inú rẹ̀, kò sì lè rọrùn láti mọ iye ọdún tí ó fi kéré sí i. Bákan náà, apá kan ilẹ̀ náà ni Willett wà. Kò wa gbogbo rẹ̀.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi gbèjà ìtàn wa ni pé ilẹ̀ igbó kan, ó sì máa ń jẹ egungun tán. Òótọ́ ni pé òjò àti kíkan ilẹ̀ máa ń ba egungun jẹ́. Síbẹ̀, ní Ìbíní gan-an, níbi tí ilẹ̀ igbó bẹ́ẹ̀ wà, Graham Connah wa kànga gbígbẹ kan tí ó jìn ju mítà 12 lọ ní àwọn ọdún 1960, ó sì bá egungun ènìyàn tí ó kéré tán jẹ́ 41 nísàlẹ̀ rẹ̀, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá. Egungun lè pẹ́ nínú ilẹ̀ wa bí ibi tí ó wà bá gbà á. Àwíjàre pé ilẹ̀ ti jẹ gbogbo orí tán, tí eyín kan kò sì ṣẹ́ kù, kò lágbára tó bí a ti ń rò.

Irun àti èékánná ni ó ṣì dúró. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní ilé wa: bí ẹni kan bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ dé, a ó mú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, a ó sì fi ṣe ìsìnkú. Ẹni náà ti ní ibojì méjì nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn tí ń tọ́ka sí wọn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí ni wọ́n ń gbé wá láti Ìbíní, kòtò òfìfo gẹ́lẹ́ ni awalẹ̀pìtàn yóò bá. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sára: kòtò tí a kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀ kò lè jẹ́rìí gbè wá, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ́rìí takò wá. Ohun tí a lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ irun àti èékánná ṣì ṣeé ṣe, àti pé ọ̀rọ̀ orí kò tíì rí ẹ̀rí kankan.

Èrò tèmi ni pé ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtumọ̀. A ní ibojì, a ní ojú oórì, Ọ̀yọ́ sì ní Bàrà tí wọ́n ń sin Aláàfin sí. Àwọn tí ó sọ ilẹ̀ yìí lórúkọ mọ irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì lo ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀run ni wọ́n pè é. Ọ̀run ni ibi tí ọba ń lọ tí a fi ń sọ pé ó wàjà. Ó sì ṣeé ṣe kí a ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí a ó ti máa pe àwọn ọba tí ó ti lọ láìsí pé ara wọn wà níbẹ̀. Nígbà tí a tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó di itẹ́ òkú. Ìgbà tí ó di itẹ́ òkú ni ó di ohun tí ṣọ́bìrì lè yẹ̀ wò.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta akọ ni, ó ga tó nǹkan bí mítà márùn-ún àti ààbọ̀, a sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1921 pé ibi tí Ọ̀rànmíyàn kú sí tí a sì sin ín sí ni a gbé òkúta náà dúró sí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a ń pa ní Ifẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rànmíyàn wọlẹ̀, ó ní kí a pe òun bí ogun bá dé, àwọn kan pè é nígbà tí ogun kò dé, ó jáde, ó sì pa àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó tó mọ̀ wọ́n, ó wá gún ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lọ pátápátá. Nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni tí ó sin ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń pa ìtàn wíwọlẹ̀ yìí fún àlejò, tí ó sì tún ń pe ibẹ̀ ní ibojì, ìtàn méjì tí kò bára mu ni ó so pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí àárín àwọn onímọ̀. Ní ọdún 2004, Ọba Ẹrẹ́díauwá ti Ìbíní gbé ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé Ekaladerhan, ọmọ ọba Ìbíní, ni ó di Odùduwà ní Ifẹ̀. Ariwo gba ìlú. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ní ọ̀dọ̀ wa ti ń fi Ọ̀run Ọba Adó dáhùn: orí àwọn baba yín wà lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ọmọ wa ni yín. Bí a bá gbé ẹjọ́ wa lé orí tí ẹnikẹ́ni kò rí, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí a mú un wá ni a ó pàdánù ẹjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ a ní ẹ̀rí tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Egharevba fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé láti Ifẹ̀ ni Ọba Ogúọlà ti tọrọ alágbẹ̀dẹ idẹ, tí a fi rán Igueghae sí i, àti pé Igueghae ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Ẹnu Ìbíní ni èyí ti jáde.

Bí àwọn tí ń mú àlejò yípo ìlú nígbà ọdún Ifá yìí bá dé iwájú òkúta náà, kí wọ́n sọ pé ọ̀pá tí Ọ̀rànmíyàn gún mọ́lẹ̀ ni, ní ibi tí ó wọlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ Ọ̀run Ọba Adó, kí wọ́n sọ pé ilẹ̀ tí Ifẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọba Ìbíní tí ó ti wàjà ni, pé àwọn ènìyàn ti ń lo àyíká náà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó kéré tán, àti pé a kò tíì bá orí níbẹ̀.