Ìdá Ìtẹ̀ àti Ìdá Ìrajà nínú Ìpolówó Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ìdá ìtẹ̀ àti ìdá ìrajà ni òǹkà méjì tí wọ́n fi ń yẹ ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Nínú Google Ads, `CTR` ni wọ́n kọ sí orí ti àkọ́kọ́, `Conv. rate` ni wọ́n kọ sí orí èkejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò wọn rèé:

```
CTR = clicks ÷ impressions × 100
Conv. rate = conversions ÷ clicks × 100
```

Ìdá ìtẹ̀ ń sọ fún wa pé nínú ìgbà 100 tí ìpolówó hàn, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìdá ìrajà ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyẹn parí sí: nínú 100 tó tẹ̀ ẹ́, mélòó ló ṣe ohun tí ọlọ́jà ń fẹ́, ìbáà jẹ́ kí wọ́n rajà tàbí kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kiri ọjà rí ti mọ ìyàtọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo èrò tó yíjú nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ló ń tú owó sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ HotWired gbé ìpolówó iléeṣẹ́ AT&T jáde. Àkọlé ibẹ̀ kàn ń bi òǹwòran bóyá ó ti tẹ ibẹ̀ rí ni. Kò dárúkọ ọjà kankan. Wọ́n ròyìn pé 44 nínú 100 ló tẹ̀ ẹ́. Òfíntótó ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ibẹ̀, òfíntótó kì í sì í ra nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká mú aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé ìpolówó méjì jáde, ìkọ̀ọ̀kan sì hàn ní ìgbà 20,000. Ti àkọ́kọ́ kọ ọ́ gàdàgbà pé: «Àdìrẹ láti 3,000 náírà». Ìgbà 600 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìyẹn 3%, ṣùgbọ́n ènìyàn 6 péré ló rà, ìyẹn 1%. Ìkejì fi aṣọ kan ṣoṣo hàn, ó sì kọ iye rẹ̀, 25,000 náírà, sí abẹ́ rẹ̀. Ìgbà 160 ni wọ́n tẹ ìyẹn, 0.8%, ènìyàn 8 sì rà, 5%. Bó bá jẹ́ pé 50 náírà ló ń san fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, oníbàárà kan ti ìpolówó àkọ́kọ́ gba 5,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ìkejì kò ju 1,000 lọ.

Kí ló dé? Gèlè kékeré nìkan ni 3,000 náírà lè rà ní ìsọ̀ náà. Ẹni tó wá ọjà pọ́ọ́kú débẹ̀, ó bá aṣọ olówó gọbọi, ó padà sẹ́yìn. Ìlérí ìpolówó kò bá ohun tó wà lórí àtẹ mu, òun sì ni àléébù tí ìdá ìtẹ̀ gíga pẹ̀lú ìdá ìrajà kékeré sábà máa ń tú fó. Ti ìkejì yàtọ̀: ohun tó sọ dára, àwọn tó gbọ́ ọ ni ò pọ̀. Àwòrán rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ tàbí àwọn tí wọ́n ń fi hàn ló yẹ kó tún ṣe. Kó má fọwọ́ kan iye owó tó kọ síbẹ̀ rárá, torí òun ló ń sẹ́ àwọn tí kò ní í rà dànù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá ìpolówó lẹ́bi, ó yẹ ká wo ohun tó wà láàárín ìtẹ̀ àti owó. Nínú Ads Manager ti Meta, ẹ fi `Link clicks` wé `Landing page views`. Bí 600 bá tẹ̀ ẹ́ tó sì jẹ́ pé 250 péré ni ojú-ewé náà ṣí fún, a jẹ́ pé àwòrán ibẹ̀ ti wúwo jù fún fóònù àti dátà wọn, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá kó aṣọ sínú agbọ̀n ọjà, tí wọ́n wá sá nígbà tí owó ìfiránṣẹ́ yọjú, ìpolówó ti ṣe tirẹ̀. Owó ìfiránṣẹ́ yẹn ni kí ọlọ́jà tètè sọ.

Òǹkà náà tún ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Oníbàárà 6 àti 8 kéré; ènìyàn méjì tó bá rà á lọ́la lè yí ìdá náà padà gan-an. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló jẹ́ pé wọ́n á tẹ ìpolówó tán, wọ́n á bọ́ sí WhatsApp, wọ́n á ná ọjà níbẹ̀, wọ́n á sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Irú ìrajà bẹ́ẹ̀ kì í fara hàn nínú `Conv. rate` bí ọlọ́jà kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó bi oníbàárà kọ̀ọ̀kan pé ìpolówó wo ló rí kó tó wá.