Bọ́ọ̀tù Ilẹ̀ Líle, Bọ́ọ̀tù Ilẹ̀ Ẹrẹ̀: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Dé Pápá Ṣómólú àti Bàrígà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Apapa gbéra ní Èkó, agbábọ́ọ̀lù 18 ló wà nínú rẹ̀. Etim Henshaw ni balógun wọn. Tesilimi Balógun, tí gbogbo ìgboro mọ̀ sí Tọ́ńdà nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe máa ń dún bí àrá, wà láàárín wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lọ, láti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ tí kì í gba owó oṣù níbẹ̀ figagbága. Nígbà tí wọ́n jáde sí pápá ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, ẹsẹ̀ wọn ni àwọn òǹwòran ń wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Báńdéèjì ni wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ lásán yẹn ni wọ́n sì fi na ẹgbẹ́ Marine ní àmì ayò 5-2.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ bàtà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ bọ́ọ̀lù ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pápá wa máa ń le gbagidi, eruku díẹ̀ ló máa ń wà lójú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ènìyàn fẹ́ gún wọnú rẹ̀. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti yi dáadáa tó ohun tí ènìyàn nílò: ó gbòòrò, ó tẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń fara kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì yọ̀. Àmọ́ gbé ẹsẹ̀ yẹn kan náà lọ sórí koríko tí òjò ti rẹ, tí abẹ́ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, kò ní ohun tí yóò fi di ilẹ̀ mú mọ́. Omi á wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ àti koríko, ìgbà tí ènìyàn bá sì fẹ́ ṣẹ́rí padà ni ẹsẹ̀ á fà lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá ní ìrìn àjò náà. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n gbá ọ̀mì nínú méjì, wọ́n pàdánù márùn-ún. N kò ní sọ pé ilẹ̀ nìkan ló fà á. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tù ilẹ̀ gbígbẹ àti ti ilẹ̀ tútù ti kọ́kọ́ kan àwa ọmọ Èkó gbọ̀ngbọ̀n, ibẹ̀ yẹn ni.

Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n bí bọ́ọ̀tù àwọn òyìnbó sí. Nígbà tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ òfin àkọ́kọ́ lọ́dún 1863, àwọn ènìyàn ti ń kan ìṣó mọ́ abẹ́ bàtà iṣẹ́ wọn kí wọ́n má baà yọ̀. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìṣó tó yọrí síta tàbí irin pẹlẹbẹ lábẹ́ bàtà, nítorí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ọdún 1891 ni wọ́n tó fàyè gba àwọn kókó abẹ́ bàtà tí à ń pè ní sitọ́ọ̀dù: awọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe é, kò sì gbọdọ̀ ga ju ìdajì íńṣì lọ. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni bàtà ń gbìyànjú láti ṣe, pé kó gún ilẹ̀ rírọ̀ kó sì dúró sínú rẹ̀.

Ìṣòro sitọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ bàtà ni pé bó bá ṣe wà láàárọ̀ náà ni yóò wà ní ìrọ̀lẹ́, kódà bí òjò bá rọ̀. Ìyẹn ni Adi Dassler, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Adidas sílẹ̀, wá ojútùú sí. Ó ṣe sitọ́ọ̀dù tí wọ́n lè rọ́ wọlé kí wọ́n sì tún rọ́ jáde bíi síkúrù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1954, nígbà àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìlú Bern, òjò rọ̀. Họ́ńgárì, tí gbogbo ayé gbà pé yóò gba ife náà, ti jẹ góòlù méjì kí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tó pé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ti fi sitọ́ọ̀dù gígùn sí abẹ́ bàtà wọn. Bí pápá ti ń di ẹrẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ tiwọn ń di ilẹ̀ mú, wọ́n sì borí ní 3-2. Láti ọjọ́ náà ni sitọ́ọ̀dù onísíkúrù ti gba ìyì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òun ni bọ́ọ̀tù gidi.

Ìyì yẹn ló ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà. Bọ́ọ̀tù tó bá wà fún ẹrẹ̀ sábà máa ń ní sitọ́ọ̀dù mẹ́fà, mẹ́rin níwájú, méjì ní gìgísẹ̀, páànù fífúyẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, wọ́n sì gùn. Èyí tó wà fún ilẹ̀ tó dúró dáadáa, tí koríko sì wà lórí rẹ̀, ní nǹkan bíi méjìlá tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Copa Mundial tí Adidas gbé jáde lọ́dún 1979 ni àpẹẹrẹ tí àwọn àgbà mọ̀ jù: mẹ́jọ níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹ̀yà kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kókó rọ́bà kékeré kún abẹ́ rẹ̀. Koríko àtọwọ́dá tó kúrú ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n òun gan-an ló bá ilẹ̀ líle wa mu jù. Lẹ́tà tó wà lára páálí tàbí lábẹ́ ahọ́n bàtà ló ń fi wọ́n hàn: SG ni ti ẹrẹ̀, FG ni ti koríko tó dúró, TF ni ti kókó rọ́bà kékeré. Bí ènìyàn bá rí AG, koríko àtọwọ́dá tó gùn ni. Sitọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrú ó sì pọ̀ ju ti FG lọ, nítorí náà òun náà dára díẹ̀ fún ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ṣómólú àti Bàrígà. Apá ibí yìí kì í ṣe àlejò nínú bọ́ọ̀lù. Ní Akọ́kà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrígà, ni ilé ẹ̀kọ́ Saint Finbarr's wà, ibi tí Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ti ń gbá sẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe pápá tó ní koríko dáadáa. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni, tàbí ojú títì tí wọ́n gbé mọ́ńkì póòsì sí, tàbí ilẹ̀ pupa tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ di líle. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, bí ènìyàn bá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, yóò ta padà.

Mú ọmọkùnrin kan tó wúwo tó 60 kílò, tó wọ bọ́ọ̀tù onísitọ́ọ̀dù mẹ́fà sórí irú ilẹ̀ yìí. Tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kílò mẹ́wàá ni sitọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń gbé, kò sì sí èyí tó wọlẹ̀ nínú wọn. Bíi kó dúró lórí òkúta mẹ́fà ni. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀tù onísitọ́ọ̀dù méjìlá, kílò márùn-ún. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀tù tó ní ọgọ́ta kókó rọ́bà, kílò kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ìdúró ni mo ń sọ. Tó bá ń sáré, agbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń kọlu ilẹ̀ á ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ohun tó ń fa ìrora tí àwọn ọmọ máa ń ní lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n á máa rò pé bàtà náà ló kéré. Èyí tó tún yẹ kí òbí ṣọ́ ni ìrora gìgísẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá. Egungun ibẹ̀ ṣì ń dàgbà, ilẹ̀ líle àti sitọ́ọ̀dù gíga sì máa ń dá a lóró. Bó bá ń tiro lẹ́yìn eré, tó sì ń fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn, ẹ jẹ́ kó sinmi ná, kẹ́ ẹ sì yí bàtà náà padà.

Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ á yí. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, pàápàá ní apá Ìlàjẹ Bàrígà tó wà létí ọ̀sà, omi kì í tètè gbẹ. Kókó rọ́bà kékeré tó dára lánàá á kún fún ẹrẹ̀, abẹ́ bàtà á dán bí àwo. FG ló yẹ lásìkò yẹn. SG ní àyè tirẹ̀, àmọ́ àyè náà kéré: ibi tí koríko wà tí abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ jinlẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa tí òjò rọ̀ sí, ojú ilẹ̀ nìkan ló sábà máa ń rọ̀, abẹ́ rẹ̀ ṣì le. Sitọ́ọ̀dù gígùn á la ẹrẹ̀ kọjá, á sì dúró lórí líle náà, ènìyàn á wá máa fì bí ẹni tó gun àgéré.

Ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ̀ kò le. Fi gìgísẹ̀ bàtà lásán tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara. Bí kò bá fi ojú kankan sílẹ̀, kókó rọ́bà tàbí sitọ́ọ̀dù kúkúrú. Bó bá fi ojú sílẹ̀ tí omi kò sì sun jáde, FG. Bó bá wọlé tí omi sun yí i ká, tó sì jẹ́ pé bó o ṣe fi igi tẹ ilẹ̀ ló ń wọlé láì kan líle, ibẹ̀ ni SG.

Ọ̀pọ̀ wa, òkíríkà la máa ń rà, ní Yábàá tàbí ní Tẹ̀júoṣó. Ilẹ̀ òyìnbó ni bàtà wọ̀nyí ti wá, ìdí nìyẹn tí SG fi máa ń pọ̀ nínú wọn, tí owó wọn sì máa ń wálẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí owó náà tàn ọ́. Ka sitọ́ọ̀dù kó o tó bi iye tí wọ́n ń tà á. Lẹ́yìn náà, fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Irú rọ́bà kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti pẹ́ níbi tó ní ọ̀rinrin, ṣe ló máa ń jẹrà láti inú wá kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́. Bó bá ń rún tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ṣúmékà kankan kò lè tún un ṣe. Tẹ bàtà náà: iwájú, níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́, ló yẹ kó ti tẹ̀, kì í ṣe àárín. Bí gbogbo èyí bá dára, gbé e fún ṣúmékà kó rán an yíká kó tó kan pápá rárá, nítorí lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kì í fara da ooru ilẹ̀ wa pẹ́.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó bọ́ọ̀tù kan ṣoṣo lọ́dún ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, kó ra FG onísitọ́ọ̀dù kúkúrú, róbótó, tí kì í ṣe pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ. Bí owó bá tó méjì, kí ìkejì jẹ́ TF. Kó fi SG sílẹ̀ fún ẹni tó ní pápá koríko tó rọ̀.