Nínú Agbo Wo? Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Òfin Bayes

Ìṣeéṣe kì í dá dúró. Inú agbo kan ni wọ́n ti ń kà á, bí agbo bá sì yí padà, iye rẹ̀ náà á yí. Èyí ni ìdí tí “ìṣeéṣe onímájẹ̀mú” kò fi tẹ́rùn gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀: àárín ẹni méjì tó jọ ṣe àdéhùn ni májẹ̀mú ń wà, kò sì sí ẹni tó bá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dá májẹ̀mú. “Ìṣeéṣe inú agbo” sàn jù, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, nínú agbo wo?

Àyẹ̀wò HIV tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún ní ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ẹmùré ní Èkìtì fi bí ìbéèrè yẹn ṣe wúlò tó hàn. Nọ́ọ̀sì á gún ìka, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí pélébé, á sì dúró. Ìlà kan túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò dá aláboyún náà sílẹ̀. Ìlà méjì, ó mú un. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni “mú” àti “dá sílẹ̀”, wọ́n sì bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Agbára ìmú ni iye tí àyẹ̀wò ń mú nínú àwọn tó ní kòkòrò. Agbára ìdásílẹ̀ ni iye tó ń dá sílẹ̀ nínú àwọn tí kò ní. Bó bá mú aláìní, àṣìmú nìyẹn. Bó bá fi ẹni tó ní sílẹ̀, àfojúfò ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kì í fọwọ́ sí àyẹ̀wò kíákíá fún HIV àfi bí agbára ìmú rẹ̀ bá tó 99 nínú 100, tí agbára ìdásílẹ̀ rẹ̀ sì tó 98.

Ẹni tó gbọ́ 99 yìí lè rò pé ẹni tó bá rí ìlà méjì ti ní kòkòrò tán. Ibi tí agbo ti dàrú mọ́ni lọ́wọ́ gan-an nìyí. “Nínú àwọn tó ní kòkòrò, mélòó ni àyẹ̀wò mú?” yàtọ̀ sí “nínú àwọn tí àyẹ̀wò mú, mélòó ló ní kòkòrò?” Ìbéèrè kejì ni ti aláboyún tó jókòó síwájú nọ́ọ̀sì.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 èèyàn tọ́jọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 64 ní Èkìtì, nǹkan bí 8 ló ní HIV. Ká ní èèyàn 10,000 irú wọn ṣe àyẹ̀wò tó kàn kúnjú òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn. Àwọn 80 ló ní kòkòrò. Àyẹ̀wò á mú 79, á fojú fo ẹyọ kan. Àwọn 9,920 yòókù kò ní, ṣùgbọ́n 2 nínú 100 wọn á ṣì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀: 198. Àpapọ̀ àwọn tó mú jẹ́ 277, àwọn 79 péré ló sì ní kòkòrò lóòótọ́, kò tó 29 nínú 100. Àyẹ̀wò kò bàjẹ́ o. Àwọn aláìní ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìmú díẹ̀ láàárín wọn fi ju gbogbo ẹni tó ní lọ. Bí wọ́n bá gbé àyẹ̀wò kan náà lọ sí ibi tí 5 nínú 100 ti ní kòkòrò, nǹkan bí 72 nínú 100 àwọn tó mú ló máa ní in lóòótọ́.

Ìṣirò yìí gan-an ni òfin Bayes, tí wọ́n fi sọrí àlùfáà Thomas Bayes, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1763, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀:

```
P(A|B) = P(B|A) × P(A) / P(B)
```

A ni níní kòkòrò, B ni ìlà méjì. Ìlà tó nà ró yẹn ni “nínú agbo” gan-an: P(A|B) ni ìṣeéṣe A nínú agbo B. P(A) ni ìṣeéṣe ìṣáájú, 8 nínú 1,000. P(A|B) ni ìṣeéṣe ẹ̀yìn-àyẹ̀wò.

Ìṣeéṣe ẹ̀yìn-àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ló ń di ìṣeéṣe ìṣáájú fún èkejì. Bí àwọn 277 bá ṣe àyẹ̀wò mìíràn tó lágbára bákan náà, á mú 78 nínú àwọn tó ní, àti 4 nínú àwọn aláìní: nǹkan bí 95 nínú 100 àwọn tó mú ló ní kòkòrò lóòótọ́. Ìyẹn kò tíì tó láti fi sọ fún èèyàn pé yóò máa lo oògùn títí ayé. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dámọ̀ràn lọ́dún 2019 pé àyẹ̀wò mẹ́ta ni kó mú èèyàn kí wọ́n tó sọ pé ó ní HIV.

Ìṣirò náà dúró lórí pé ohun tó ṣi àyẹ̀wò kan lọ́nà kò ní ṣi ìkejì. Bí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ aláboyún bá lè tan àwọn méjèèjì, àṣìmú àkọ́kọ́ á kàn tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lọ́nà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò. Bákan náà, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti ní kòkòrò kò sí nínú agbo 8 nínú 1,000 mọ́; ìṣeéṣe ìṣáájú tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà méjì tirẹ̀ sì wúwo ju ti ẹlòmíràn.