Èsì Tí Ó Ń Bí Ìbéèrè

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ohun tí òwe yìí kò sọ fún wa ni bí ó ti yẹ kí ẹni tí a bi léèrè dáhùn, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ ohun tí a béèrè bá ń gbọ́ ìdáhùn náà. Ìṣòro yìí ni ó wà nídìí irú fídíò kan tí ó ti di àṣà láyé òde òní, èyí tí ẹni tí ó ń ṣe fídíò fi ń fèsì sí ọ̀rọ̀ tí òǹwòran kan kọ sábẹ́ fídíò rẹ̀ ìṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdí tí ọ̀nà àkọ́kọ́ fi kùnà, àti bí ọ̀nà kejì ṣe yí ọwọ́ tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ irú fídíò bẹ́ẹ̀ padà.

Ọdún 2005 ni a dá YouTube sílẹ̀. Ní ọdún 2006, wọ́n fi ọ̀nà kan sí i tí òǹwòran lè fi so fídíò tirẹ̀ mọ́ fídíò ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí èsì. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni bàbá arúgbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Oakley, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò síbẹ̀ ní orúkọ geriatric1927. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 79. Kò ṣe ju pé ó jókòó síwájú kámẹ́rà, tí ó sì ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ìpín-ìpín, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ rọ́ wá gbọ́ ọ, wọ́n ń kọ̀wé sí i, wọ́n ń fi fídíò fèsì. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí i pé fídíò lè jẹ́ ìtàkùrọ̀sọ, pé kì í ṣe ìwòran lásán.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí YouTube là sílẹ̀ yìí kò tọ́jọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n pa á rẹ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé nínú 1,000,000 ènìyàn tí ó bá rí fídíò èsì lábẹ́ fídíò, ènìyàn 4 péré ni ó ń ṣí i wò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Abẹ́ fídíò àkọ́kọ́ ni a so èsì mọ́. Ẹni tí ó bá ṣalábàápàdé èsì náà níbòmíràn kò rí ìbéèrè tí ó bí i. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó wọlé nígbà tí àwọn méjì ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Bí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ, yóò padà jáde ni.

Ní ọdún 2020, TikTok gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Bí ẹni tí ó ni fídíò bá fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ òǹwòran láti fèsì sí i, àmì kámẹ́rà yóò yọ. Bí ó bá tẹ ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà yóò hàn nínú àpótí kékeré lójú fídíò tuntun tí ó ń ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Instagram náà mú irú rẹ̀ wá. Ohun kékeré ni ó dà bí, ṣùgbọ́n òun ni ó yanjú ìṣòro àtijọ́: ibikíbi tí èsì bá dé, ìbéèrè rẹ̀ bá a dé.

Àyípadà yìí kan ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí a óò sọ nínú fídíò. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Kí a sọ pé ìyá kan ń kọ́ ènìyàn ní àkàrà dídín, tí òǹwòran kan sì kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mọ́. Kí ló dé tí àkàrà tèmi fi máa ń mu epo bí kàn-ìn-kàn-ìn?” Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ìyá yìí lọ́kàn ni kí ó kí gbogbo ènìyàn, kí ó dúpẹ́, kí ó sì ka ìbéèrè náà sókè. Nígbà tí ó bá fi máa ṣe gbogbo èyí tán, bí ìṣẹ́jú àáyá 15 ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ti wà lójú fídíò, ojú sì ti kà á tán. Ìdáhùn gan-an ni ó yẹ kí ó jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́: “Epo yín kò tíì gbóná tó kí ẹ tó bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rí. Kí ó fi ṣíbí kán ẹ̀wà lílọ̀ díẹ̀ sínú epo tí kò gbóná, kí a rí i pé ó rì, ó sì dúró sísàlẹ̀. Kí ó kán òmíràn sínú epo tí ó gbóná, kí a rí i bí ó ṣe hó yéè tí ó sì léfòó. Kí ó wá ṣàlàyé pé bí ara àkàrà kò bá tètè gan, epo ni yóò ráyè wọ inú rẹ̀. Àti pé bí a bá bu púpọ̀ sí epo lẹ́ẹ̀kan náà, ooru rẹ̀ yóò tún wálẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ni èyí. Àwọn ìdí mìíràn wà, bí omi tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀wà tí a kò pò dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá kó gbogbo wọn pọ̀ sínú fídíò kan, ẹni tí ó béèrè kò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ìparí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọn a ní, “Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.” Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, ìkíni nìkan ni ó sì sábà ń mú wá. Èyí tí ó dára ni kí ìyá náà mú ìdí kan tí kò tíì fọwọ́ kàn, kí ó sì ní: “Bí epo yín bá gbóná tó, tí àkàrà sì tún fọ́n ká, omi ni mo fura sí. Ife ẹ̀wà mélòó ni ẹ rẹ, ife omi mélòó ni ẹ sì fi lọ̀ ọ́?” Ẹni tí ó bá dáhùn èyí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbéèrè tí fídíò tí ó ń bọ̀ yóò dá lórí.

Ẹ kíyè sí i pé “ẹ” ni ìyá náà ń lò jálẹ̀. Kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó béèrè, ó sì lè jẹ́ pé ó ju onítọ̀hún lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ni a fi ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀, nítorí náà “ẹ” bá ẹni tí ó béèrè wí, ó sì bá gbogbo àwọn tí ń gbọ́ wí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ní fún ọ̀kan àti fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àpótí tí ó gbé ìbéèrè wá gbé orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ wá pẹ̀lú. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní igun kékeré kan lè bá ara rẹ̀ lójú agbo láìròtẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ àṣìṣe tàbí èébú, tí a sì fi ẹ̀sín fèsì, àwọn òǹwòran yóò gba ojú ewé rẹ̀ lọ láti bú u. Ẹni tí ó bá fẹ́ fèsì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi àpótí náà sílẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kókó ọ̀rọ̀ náà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá èsì dára wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn bá kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ epo àti ife omi, a ti dáhùn ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó béèrè ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, a ti dójú tì í, kò sì dájú pé ẹlòmíràn yóò tún béèrè.