Fífi Imú Sọ̀rọ̀ Kọ́ Ló Ń Mú Máàkì Wá Nínú Ìdánwò IELTS

Láàárín àwọn nọ́ọ̀sì tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ní Bìrìtéènì láti àwọn ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, èrò kan wọ́pọ̀: pé ẹni tó bá lè fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì bí òyìnbó ni yóò yege nínú apá ọ̀rọ̀ sísọ ìdánwò IELTS. Nítorí náà, bí wọ́n bá gba ohùn ara wọn sílẹ̀ sórí fóònù, bóyá ohùn náà jọ ti òyìnbó nìkan ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Àṣìṣe ni.

Ohun mẹ́rin ni olùdánwò ń wọ̀n, ìwọ̀n wọn sì dọ́gba: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ geere tó sì so kọ́ra, bí ẹni náà ṣe ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tó, gírámà rẹ̀, àti bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Máàkì 9 ló ga jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n á sì fi 4 pín in. Lórí pípe ọ̀rọ̀ pàápàá, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá ọ̀rọ̀ náà yéni láìsí wàhálà. Ẹni tó gba 8 níbẹ̀ ṣì lè ní ohùn Yorùbá, bí ohùn náà kò bá ti dí ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ọ̀sì kan tó gba 7 nínú pípe ọ̀rọ̀, 7 nínú ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́nu, 6 nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, àti 6 nínú gírámà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26. Bí a bá fi 4 pín in, ó di 6.5. Máàkì 7 sì ni àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Bìrìtéènì ń béèrè nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Gírámà àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ló fà á sẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì yẹ kó dojú kọ nígbà tó bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Apá kejì nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ náà ló rọrùn jù láti fi dánra wò nílé. Wọn á fún ọ ní káàdì tí àkòrí kan wà lórí rẹ̀, wàá ní ìṣẹ́jú 1 láti kọ nǹkan sílẹ̀, wàá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ká ní káàdì náà sọ pé: ṣàpèjúwe àgbàlagbà kan tí o bọ̀wọ̀ fún. Nọ́ọ̀sì wa yan ìyá ìyá rẹ̀ tó máa ń yan gàrí. Ó fi aago sí ìṣẹ́jú 1, ó kọ gbólóhùn odindi mẹ́ta, aago sì dún kó tó parí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ka ohun tó kọ, ọ̀rọ̀ sì tán ní ìdajì ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tó sọ gan-an sínú ìwé, láìtún un ṣe. Ìgbà yìí ni àṣìṣe fojú hàn. Ó pe ìyá àgbà ní "hí" níbi tó yẹ kó sọ pé "ṣí", nítorí "ó" kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Ó ń sọ ìtàn àtijọ́, síbẹ̀ "gó" ló ń sọ dípò "wẹ́ńtì", nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà bí ìgbà bá yí. Etí tó ń wá ohùn òyìnbó kò lè gbọ́ ìwọ̀nyí.

Ó tún káàdì kan náà sọ lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló kọ dípò gbólóhùn: ta ni, ibo, iṣẹ́, ọjọ́ kan pàtó, ohun tó kọ́ mi, ìdí. "Ọjọ́ kan pàtó" ló fún un ní ìtàn tó gbé e kọjá ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe nínú àkọsílẹ̀ tuntun, ó sì ka iye tó tọ̀nà, kó lè fi wé ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, káàdì mìíràn ló kàn. Ẹni tó bá ń tún ọ̀kan sọ títí yóò há a sórí, olùdánwò sì máa ń dá ọ̀rọ̀ àkọ́sórí mọ̀: ó máa ń yára ju ìdáhùn tó kù lọ, kì í sì í sábà bá ìbéèrè mu déédéé.

Ààlà wà fún ohun tí èèyàn lè gbọ́ fúnra rẹ̀. Ìró tí a ti ń pè lódì láti kékeré máa ń dún bí èyí tó tọ́ létí wa, bíi "f" tí a ń pè níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní "v". Fún èyí, kí ẹlòmíràn gbọ́ ohùn náà láìrí káàdì, kó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti yé e. Apá kẹta náà, níbi tí olùdánwò ti ń bi ọ́ ní ìdí ohun tí o sọ fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, nílò ẹni tí yóò jókòó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ.