Kòkòrò Inú Obì

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bí mẹ́dọ̀wú B, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní hẹpatáítìsì B, ṣe ń ṣe ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Èèyàn lè gbé e kiri fún ọgbọ̀n ọdún kí inú má run ún, kí ojú rẹ̀ má pọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ló ń gbà ràn. Ìbálòpọ̀ ń gbé e, abẹ́rẹ́ àlòkù ń gbé e, abẹ onígbàjámọ̀ náà ń gbé e, nítorí kòkòrò yìí lè wà láàyè fún ọjọ́ méje nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Oúnjẹ àjùmọ̀jẹ kò sí lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ ya abọ́ ìyàwó sọ́tọ̀. Ọjọ́ ìbí ló burú jù: nínú ọmọ tuntun mẹ́wàá tó bá kó o, mẹ́sàn-án ni kò ní bọ́ lára wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń ṣẹ́gun rẹ̀ fúnra wọn.

Ká ní aboyún kan ní Ọ̀tọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Èbúté Mẹ́ta, tí wọ́n sì kọ “HBsAg: positive” sínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí. Kò sọ ìgbà tó wọlé, kò sì sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe rí. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di àlejò tí kò ní lọ. Dókítà yóò wo ẹ̀dọ̀, yóò ka iye kòkòrò náà, bó bá sì pọ̀, wọ́n lè fún un ní oògùn tẹnófófíà kí oyún tó gbó, kó má baà ran ọmọ.

Ọkọ rẹ̀ ṣe tirẹ̀, HBsAg kò jáde, ló bá ń yọ̀. Ayọ̀ yẹn ti yá jù. Ẹ jẹ́ ká wo anti-HBs, ìyẹn ààbò ara, àti anti-HBc, èyí tó ń fi hàn pé kòkòrò ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Bí méjèèjì bá wà, ó ti kó o rí, ara rẹ̀ sì ti ṣẹ́gun. Bó bá jẹ́ anti-HBs nìkan, tó sì dé 10, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló dáàbò bò ó. Bí kò bá sí ìkankan, ó kù sí gbangba: yóò gba abẹ́rẹ́ lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ṣáájú 2004 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, pàápàá àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ kì í lé kòkòrò tó ti wọlé jáde.

Ti ọmọ ni kò gba ìdúró. Láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí i ni kó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sí itan, ibi tó sì wù kí wọ́n bí i sí, ìbáà jẹ́ ilé agbẹ̀bí. Bí abẹ́rẹ́ ààbò àfikún bá wà, wọn yóò gún un sí itan kejì lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó kù ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Nígbà tó bá ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án ni kí wọ́n ṣàyẹ̀wò rẹ̀, nítorí ṣáájú ìgbà náà, ààbò tí wọ́n yá a lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ kó sì tan ìwé jẹ. Bí HBsAg bá jáde, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹ̀dọ̀ ló kàn.