Arọ́pò-Orúkọ Ọ̀wọ̀ nínú Èdè Yorùbá

Arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ ni lílo arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo láti bu ọlá fún un. Ọmọdé a máa sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ‘O ti dé’, ṣùgbọ́n ‘Ẹ ti dé’ ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀. Bí ó bá ń ròyìn bàbá náà fún ẹlòmíràn, ‘wọ́n’ ni yóò lò, kì í ṣe ‘ó’. Nípa bẹ́ẹ̀, gírámà fúnra rẹ̀ a máa sọ ipò tí olúkúlùkù wà sí ẹnì kejì rẹ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń pinnu ipò yìí. Nínú àṣà, ìyàwó a máa lo ‘ẹ’ fún àwọn tí ó bá nílé ọkọ, kódà bí ó bá dàgbà jù wọ́n lọ, nítorí ọjọ́ tí ó wọlé ni a fi ń ka ipò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka-èdè ló rí bákan náà. Ní gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ‘ẹ’ àti ‘wọ́n’. Ní ìhà Ọ̀yọ́, méjèèjì ṣì dá yàtọ̀, àwọn onímọ̀ èdè kan sì gbà pé ìlò ọ̀wọ̀ ni ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ kí wọ́n pa pọ̀.

Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, iye ẹni tó wà nínú èdè tí a túmọ̀ ni àwọn atúmọ̀ tẹ̀ lé. Nítorí náà ni ọmọ onínàákúnàá inú Ìhìn Rere Lúùkù fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́. Títí di òní, Kristẹni tí kò jẹ́ sọ ‘o’ sí òbí rẹ̀ a máa pe Ọlọ́run ní ‘ìwọ’ nínú àdúrà.

Àwọn aládùúgbò wa ní ọ̀nà tiwọn. Ìgbò ní ‘unu’ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Orúkọ oyè àti ti ẹbí, bíi ‘Dede’, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn Haúsá a máa fi ìkíni bíi ‘ránkadédé’ bu ọlá fún àgbà. Ìdí nìyí tí Ìgbò tó ń kọ́ Yorùbá fi lè sọ ‘o’ sí ìyá ìyàwó rẹ̀ láìní ẹ̀tanú kankan, tí ìyá náà yóò sì rò pé ó rí òun fín.

Ohun tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ ni ìṣesí. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè a máa sọ ‘o’ sí gbogbo ènìyàn, a sì tún máa tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lo ‘ẹ’ tẹ́lẹ̀, tó wá yí i sí ‘o’ láàárín ìjà, ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àgbà náà wọ́lẹ̀.